Ìdí tí kọ̀ǹpútà fi ń da ìwé ìwáṣẹ́ ẹni tó kúnjú òṣùwọ̀n nù

Bí ẹni tó ń wá iṣẹ́ bá fi ìwé rẹ̀ ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ ńlá kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ní aago mọ́kànlá alẹ́, tí èsì pé wọn kò lè gbà á sì wọlé kí ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó pé, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé kò sí ènìyàn kankan tó ka ìwé náà. Ètò kọ̀ǹpútà ló dá a lóhùn, ìyẹn ètò tí àwọn ilé-iṣẹ́ fi ń gba ìwé ìwáṣẹ́, tí wọ́n fi ń tò ó, tí wọ́n sì fi ń sẹ́ ẹ. Workday àti Oracle Taleo wà lára wọn, bẹ́ẹ̀ náà ni ti SeamlessHR tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà níbí. Mo ti lo irú ètò bẹ́ẹ̀ rí nígbà tí mo wà ní ẹ̀ka tó ń gba òṣìṣẹ́, kí n tó wá dẹni tó ń gba àwọn tó ń wáṣẹ́ nímọ̀ràn ní Ìbàdàn. Ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé ni ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láàárín ìgbà tí ẹ tẹ bọ́tìnnì ìkẹyìn àti ìgbà tí ẹ rí èsì, nítorí pé ohun tí ọ̀pọ̀ rò pé ó ń lé wọn dànù kọ́ ló ń lé wọn.

Ọ̀pọ̀ ló rò pé kọ̀ǹpútà ń ka sífí, ìwé tí a fi ń sọ ẹ̀kọ́ àti iṣẹ́ tí a ti ṣe, bí olùkọ́ ṣe ń ka ìwé ìdánwò, àti pé ẹni tí kò lo ọ̀rọ̀ ńláńlá ló ń pàdánù máàkì. Òótọ́ ni pé àwọn ètò kan máa ń to àwọn olùbẹ̀wẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìwé wọn ṣe bá ìpolówó iṣẹ́ mu sí, ṣùgbọ́n ibi méjì mìíràn ni mo ti rí i tí àwọn ẹni gidi ti ń sọnù jù. Èkíní ni ìgbà tí ètò náà bá ń yọ ọ̀rọ̀ inú sífí jáde láti kó o sínú àwọn àpótí orí fọ́ọ̀mù: orúkọ síbí, ilé-ẹ̀kọ́ sọ́hùn-ún, oṣù tí ẹ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ síbòmíràn. Èkejì ni àwọn ìbéèrè tí ilé-iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ti kọ sílẹ̀ ṣáájú: ṣé ẹ ti ṣe ìsìnlú àgùnbánirọ̀, ọmọ ọdún mélòó ni yín, ọdún mélòó lẹ ti fi ṣiṣẹ́, èló ni CGPA yín. Ìdáhùn kan ṣoṣo tí kò bá ohun tí wọ́n fẹ́ mu ti tó láti lé yín jáde, bó ti wù kí ìyókù ìwé yín dára tó.

Ọ̀dọ́bìnrin kan tó wá bá mi ní Bódìjà ko àgbákò méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ó gba HND nínú ìmọ̀ ìṣirò owó ní Pólì Ìbàdàn, ó sì ti ń bójú tó ìwé owó ilé-iṣẹ́ kan ní Ríńgì Róòdù láti oṣù kẹta ọdún 2019. Ìrírí ọdún mẹ́ta péré ni iṣẹ́ tuntun tó wá béèrè. Ó ní, “Mà, ohun tí wọ́n ń wá gan-an ni mò ń ṣe lójoojúmọ́.” Mo ní kó ṣí sífí rẹ̀. Ẹnì kan ní Agbówó ló bá a ṣe é, ó sì rẹwà lójú: ó pín sí òpó méjì, àwòrán rẹ̀ àti àwọn ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe wà lápá òsì, àwọn iṣẹ́ tó ti ṣe wà lápá ọ̀tún, orúkọ àti nọ́ńbà fóònù rẹ̀ sì wà nínú àmùrè aláwọ̀ búlúù kan lókè. Mo ní kó tẹ Ctrl+A, lẹ́yìn náà kó tẹ Ctrl+C, kó wá lẹ gbogbo rẹ̀ sínú Notepad. Ohun tó jáde rèé:

```
Skills  Accounts Officer
Excel, Sage  Ring Road, Ibadan
Languages  03/2019 - till date
Yoruba, English  Bank reconciliation
```

Orúkọ rẹ̀ kò sí níbẹ̀ rárá, nítorí pé àwòrán ni àmùrè búlúù náà, kì í ṣe ọ̀rọ̀. Ojú ènìyàn mọ̀ pé òpó méjì ló wà, pé a gbọ́dọ̀ ka ọ̀kan tán kí a tó bọ́ sí èkejì, ṣùgbọ́n àwọn ètò kan máa ń ka ìlà kọjá láti òsì sí ọ̀tún, iṣẹ́ àti èdè á sì dàpọ̀ mọ́ra. Àwọn ètò tuntun ń gbìyànjú ju ti àtijọ́ lọ nínú èyí. Àmọ́ ẹni tó ń wáṣẹ́ kò lè mọ èyí tí ilé-iṣẹ́ ń lò. Ohun tó tún burú níbẹ̀ ni “till date” tí gbogbo wa ń kọ ní Nàìjíríà. “Present” ni ọ̀pọ̀ ètò mọ̀ sí ìgbà tí iṣẹ́ kò tíì parí. Nígbà tí ètò yìí kò rí ìparí iṣẹ́ náà, odo ló kọ sínú àpótí iye ọdún ìrírí. Ó ti fi ojú ìwé yẹn han ọ̀dọ́bìnrin náà kó lè yẹ̀ ẹ́ wò, ṣùgbọ́n orí fóònù ló ti ń ṣe é, dátà rẹ̀ sì ti ń lọ sópin, ó kàn tẹ Next ni.

Àtúnṣe rẹ̀ kò le. A tún sífí náà kọ ní òpó kan ṣoṣo nínú Microsoft Word, a kó orúkọ àti nọ́ńbà fóònù wá sínú ojú ìwé gan-an gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀, a yọ àwòrán àti tábìlì kúrò, a sì lo àkọlé tí gbogbo ètò mọ̀, bíi Work Experience àti Education. Dípò “till date”, a kọ “03/2019 – Present”. Lẹ́yìn náà a tọ́jú rẹ̀ sí PDF láti inú Word fúnra rẹ̀, nítorí pé sífí tí a tẹ̀ sórí pépà tí a wá fi fóònù ya fọ́tò rẹ̀ máa ń di àwòrán lásán. Bí ẹ kò bá lè fi mọ́úsì fa ìlà kan lórí ọ̀rọ̀ inú PDF yín kí ó yọ àwọ̀, ètò náà lè má rí ọ̀rọ̀ kankan kà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ orúkọ tún wà níbẹ̀. Ó dùn mí láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n orúkọ tí a fi àmì sí lórí àti lábẹ́ lè fọ́ sí méjì tàbí kó di àpótí kéékèèké lọ́wọ́ àwọn ètò kan. Ẹ kọ ọ́ gẹ́lẹ́ bó ṣe wà lórí ìwé ẹ̀rí yín, kí ẹ sì wo bó ṣe jáde nínú fọ́ọ̀mù.

Àwọn kan máa ń fi lẹ́tà funfun kọ gbogbo ọ̀rọ̀ inú ìpolówó sí ìsàlẹ̀ sífí kí ènìyàn má baà rí i. Mo ti rí irú rẹ̀ láti òdìkejì: ètò náà máa ń sọ gbogbo rẹ̀ di ọ̀rọ̀ dúdú, ẹni tó bá sì ṣí i lẹ́yìn náà yóò rí ìtànjẹ yẹn kedere. Èyí tó tọ́ ni pé bí ìpolówó bá pe iṣẹ́ kan ní “bank reconciliation”, tí ẹ sì ń ṣe é lóòótọ́, kí ẹ pè é bẹ́ẹ̀. Ẹ má sì san owó fún àwọn tó ń ta “sífí tó gba máàkì 95”. Ètò ti àwọn tó ń tà á ló fún un ní máàkì, kì í ṣe ètò ilé-iṣẹ́ tó fẹ́ gba òṣìṣẹ́.

Sífí tí a tún ṣe kò ran ọ̀dọ́bìnrin náà lọ́wọ́ nínú àgbákò kejì, ìyẹn àwọn ìbéèrè tí ilé-iṣẹ́ ti kọ sílẹ̀. Ìpolówó náà ní kí CGPA olùbẹ̀wẹ̀ má dín sí 3.5. Tirẹ̀ jẹ́ 3.32, ó sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ní yunifásítì tó ń lo òṣùwọ̀n 5, 3.50 ni 2:1 ti ń bẹ̀rẹ̀, ó hàn gbangba pé ohun tí ẹni tó gbé asẹ́ náà kalẹ̀ ní lọ́kàn nìyẹn. Àmọ́ òṣùwọ̀n 4 ni pólì ń lò, ọ́pà kírẹ́díìtì sì wà láàárín 3.00 sí 3.49. Ẹni tó ní 3.50 ní pólì ti wọ dìstínṣọ̀n. Èyí túmọ̀ sí pé ohun tí àpótí yẹn ń béèrè lọ́wọ́ ọmọ pólì ju ohun tó ń béèrè lọ́wọ́ ọmọ yunifásítì lọ, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pinnu bẹ́ẹ̀. Òdìkejì rẹ̀ tún lè ṣẹlẹ̀: àwọn tó kàwé ní Yunifásítì Ìbàdàn nígbà tí wọ́n ń lo òṣùwọ̀n 7 lè ní 3.5 tí kò sún mọ́ 2:1 rárá, asẹ́ náà yóò sì jẹ́ kí wọ́n kọjá.

Ó bi mí bóyá kí òun ṣírò ó sí òṣùwọ̀n 5, èyí tí yóò di 4.15. Mo ní kó má ṣe é. Wọn yóò béèrè ìwé ẹ̀rí lẹ́yìn ọ̀la, iye tó wà níbẹ̀ yóò yàtọ̀ sí ohun tó kọ, wọn yóò sì pè é ní onírọ́. Bí fọ́ọ̀mù bá ní àyè láti yan ipò dípò iye, ẹ yan ipò. Bí kò bá sí, ẹ kọ òótọ́, kí ẹ sì kọ ímeèlì sí ẹ̀ka tó ń gba òṣìṣẹ́ kí ọjọ́ tó pé, láti béèrè òṣùwọ̀n tí wọ́n ń lò. Àwọn agbanisíṣẹ́ pàápàá mọ̀ pé asẹ́ wọn ń ṣi ẹni mú: nínú ìwádìí tí Ilé-ẹ̀kọ́ Ìmọ̀ Okòwò ti Harvard àti Accenture gbé jáde ní ọdún 2021, láàárín àwọn agbanisíṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, Bìrìtìkó àti Jámánì, ìdá 88 nínú ọgọ́rùn-ún ló gbà pé ètò àwọn ń lé àwọn tó tóótun dànù torí pé ìwé wọn kò bá ìlànà tí wọ́n kọ mu gẹ́lẹ́.

Ewu mìíràn wà tó jẹ́ ti àdúgbò wa. Ọ̀pọ̀ ló ń san owó fún ọmọ káfè pé kó bá àwọn kún fọ́ọ̀mù. Ọmọ káfè tó ń kánjú lè yan ìdáhùn tó bá kọ́kọ́ rí sí ìbéèrè tó lè lé yín jáde, tàbí kó fi ímeèlì tirẹ̀ forúkọ sílẹ̀, kí ìpè fún ìdánwò wá wọ inú àpótí tí ẹ kò ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Ẹ jókòó tì í, kí ẹ lo ímeèlì tiyín, kí ẹ sì ya fọ́tò gbogbo ìdáhùn yín kó tó fi ránṣẹ́.

Òfin pẹ̀lú ní nǹkan kan láti sọ. Abala 37 nínú òfin ìdáàbòbò ìsọfúnni ara ẹni ti Nàìjíríà, tí Ààrẹ Tinúbú fọwọ́ sí ní oṣù kẹfà ọdún 2023, fún ènìyàn lẹ́tọ̀ọ́ kí ẹ̀rọ nìkan má ṣe dá ṣe ìpinnu tó kàn án gbọ̀ngbọ̀n. Ibi tó ti ní ìwọ̀n ni pé bí ẹ bá ti fọwọ́ sí i, tàbí tí àdéhùn bá béèrè rẹ̀, ilé-iṣẹ́ lè lò ó, àpótí kékeré tí ẹ máa ń tẹ̀ láìkà sì lè jẹ́ ìfọwọ́sí yẹn. Síbẹ̀, òfin náà ní ẹ lè béèrè pé kí ènìyàn dá sí i, kí ẹ sọ tẹnu yín, kí ẹ sì tako ìpinnu náà.

Ọ̀nà yìí la gbà. Ọ̀dọ́bìnrin náà kọ lẹ́tà kúkúrú sí ímeèlì tó wà lójú ìwé tí ilé-iṣẹ́ náà fi ń ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ìsọfúnni: orúkọ rẹ̀, nọ́ńbà iṣẹ́ tó béèrè, ọjọ́ tó kọ̀wé, pé iye ọdún ìrírí tó wà nínú fọ́ọ̀mù kò tọ̀nà, pé 3.32 òun wà nínú òṣùwọ̀n 4, àti pé òun ń bẹ̀bẹ̀ kí ènìyàn tún un wò. Kò ráhùn, kò sì halẹ̀. Ó so àwòrán ìwé ẹ̀rí rẹ̀ mọ́ ọn. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n pè é fún ìdánwò. Ẹlòmíràn ló gba iṣẹ́ náà níkẹyìn, nítorí pé máàkì onítọ̀hún nínú ìdánwò ju ti ọ̀dọ́bìnrin náà lọ, ṣùgbọ́n nígbà tí ilé-iṣẹ́ náà tún polówó iṣẹ́ mìíràn, fọ́ọ̀mù wọn ti ń béèrè CGPA àti òṣùwọ̀n rẹ̀ nínú àpótí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.