Títẹ Posterize Nìkan Kò Sọ Fọ́tò Di Pósítà

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́, àti àwọn tíṣà mìíràn pàápàá, gbà pé bọ́tìnì kan ló ń sọ fọ́tò di pósítà. Wọ́n á ṣí fọ́tò nínú GIMP, ètò kọ̀ǹpútà fún títún fọ́tò ṣe, tó jẹ́ ọ̀fẹ́ tí kò sì nílò íńtánẹ́ẹ̀tì láti ṣiṣẹ́. Wọ́n á tẹ Posterize, tó ń dín àwọ̀ fọ́tò kù sí ìwọ̀nba ìpele, wọ́n á kọ 4 sí i, wọ́n á wá máa retí àwọ̀ mẹ́rin. Ohun tí wọ́n máa rí ni ojú tó rí wúruwùru, tí àwọ̀ ewé àti àwọ̀ ọsàn ti yọ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́. Wọ́n á ní kọ̀ǹpútà ilé ìwé ló ti gbó, tàbí kí wọ́n ní àfi kí àwọn ra Photoshop. Kọ̀ǹpútà ò ṣẹ̀ wọ́n.

Inú àwọ̀ mẹ́ta ni kọ̀ǹpútà ti ń po gbogbo fọ́tò: pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù. Tí a bá kọ 4, ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn mẹ́ta yìí ló máa pín sí ìpele mẹ́rin. Mẹ́rin lọ́nà mẹ́rin lọ́nà mẹ́rin, ó lè tó àwọ̀ 64. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń ní kí kíláàsì kọ́kọ́ yọ àwọ̀ kúrò pátápátá, ní Colors > Desaturate > Desaturate. Lẹ́yìn ìyẹn, 4 á di mẹ́rin lóòótọ́: dúdú, eérú tó ṣú, eérú tó mọ́, àti funfun. Kí ẹnikẹ́ni má lo Image > Mode > Grayscale dípò rẹ̀ o, nítorí àwọ̀ tí wọ́n bá fẹ́ kùn lẹ́yìn náà kò ní hàn.

Ibi tí iṣẹ́ gan-an wà ni òjìji àti ìmọ́lẹ̀ ojú. Kọ̀ǹpútà ń ka dúdú pátápátá sí 0, ó ń ka funfun pátápátá sí 255. Tí ìpele bá jẹ́ mẹ́rin, ohun tó wà láti 0 dé 42 á di dúdú, 43 dé 127 á di eérú tó ṣú, 128 dé 212 á di eérú tó mọ́, ìyókù á di funfun. Ẹ wá wo ọmọbìnrin SS2 kan tó dúdú dáadáa, tó wọ aṣọ ilé ìwé funfun, tó dúró síwájú ògiri funfun. Nítorí funfun tó yí i ká, fóònù á dín ìmọ́lẹ̀ kù, ojú rẹ̀ á wà láàárín 45 sí 120. Gbogbo rẹ̀ bọ́ sí ìpele kan ṣoṣo. Imú lọ, ẹ̀rẹ̀kẹ́ lọ, ẹyinjú àti eyín nìkan ló kù. Àwọn kan á ní kí á fi fíltà bó ojú ọmọ náà. Mi ò fara mọ́ ọn rárá: ojú rẹ̀ ló yẹ kó rí nínú pósítà rẹ̀.

Ẹ lọ sí Colors > Levels kí ẹ tó tẹ Posterize, kí ẹ fa onígun mẹ́ta àárín sí apá òsì títí nọ́ńbà rẹ̀ á fi tó 1.6. Ohun tó wà ní 45 á gòkè sí nǹkan bí 86, èyí tó wà ní 120 á dé nǹkan bí 159. Ojú náà ti kọjá ààlà 127 báyìí, nítorí náà iwájú orí àti góńgó imú á mọ́, ìyókù á ṣú. Èyí tó tún dára jù ni pé kí ẹ tún fọ́tò náà yà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, kí ìmọ́lẹ̀ wá láti apá kan, kí ẹ fọwọ́ kan ojú ọmọ náà lórí fóònù kí fóònù lè fi ojú rẹ̀ wọn ìmọ́lẹ̀.

Píríọ́dù méjì oníṣẹ́jú 40 tó fún gbogbo rẹ̀. Àkọ́kọ́ wà fún fọ́tò yíyà, Desaturate, Levels àti Gaussian Blur, tó ń mú fọ́tò rí bàìbàì díẹ̀, tó tó píksẹ́lì 4 lórí àwòrán tó fẹ̀ tó 1,200, kí tótòtó kéékèèké má baà di erékùṣù lójú pósítà. Èkejì wà fún Posterize àti kíkùn. Wọ́n á fi Select by Color, tí Threshold rẹ̀ wà ní 0, mú ìpele kọ̀ọ̀kan, wọ́n á sì kùn ún. Àwọ̀ tó wù wọ́n ni kí wọ́n lò, ṣùgbọ́n èyí tó ṣú jù ní láti wà níbi tó ṣú jù. Tí ọmọ kan bá fi yẹ́lò sí òjìji, tó sì fi búlúù tó ṣú sí iwájú orí, ojú náà á yí padà bíi fíìmù fọ́tò tí a kò tíì fọ̀ sórí bébà. Láti mọ̀ bóyá ó ti ṣẹlẹ̀, kí ó ṣe Desaturate lórí ẹ̀dà iṣẹ́ náà, kó sì wò ó bóyá ojú ṣì jẹ́ ojú.

Fọ́tò gbogbo kíláàsì lápapọ̀ kò ṣeé fi ṣe é. Ojú kọ̀ọ̀kan kéré jù níbẹ̀, Gaussian Blur á pa á rẹ́ kí Posterize tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ojú ẹnì kan ṣoṣo, láti èjìká sókè, ni kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú wá.