Ọ̀rọ̀ ẹnu ṣáájú abẹ́rẹ́ ní yàrá pàjáwìrì

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé tí ara aláìsàn kan kò bá balẹ̀ ní yàrá pàjáwìrì, tó ń pariwo, tó ń ju àga, abẹ́rẹ́ ni ìtọ́jú. Ọ̀rọ̀ ẹnu kàn jẹ́ ohun tí wọ́n fi ń dá a dúró títí abẹ́rẹ́ á fi dé. Ìlànà Bẹ́tà, tí ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn ọpọlọ ní pàjáwìrì nílẹ̀ Amẹ́ríkà gbé jáde lọ́dún 2012, kò gbà bẹ́ẹ̀. Lójú tiwọn, ọ̀rọ̀ gan-an ni ìtọ́jú àkọ́kọ́.

Ẹ jẹ́ ká fi ọkùnrin kan ṣe àpẹẹrẹ. Ọlọ́pàá gbé e wá lóru. Oorun ti dá lójú rẹ̀ láti ọjọ́ mẹ́ta, ó ń pariwo pé wọ́n gba fóònù òun, pé àwọn kan fẹ́ pa òun. Ọlọ́pàá, nọ́ọ̀sì àti ẹ̀ṣọ́ yí i ká, oníkálùkù ń ké pé kó jókòó. Ẹni tó bá ti rí ìjà gáréèjì rí mọ ibi tí eléyìí ń lọ: onílàjà á pọ̀ ju oníjà lọ, ọ̀kan ń di ọwọ́ mú, ìkejì ń fa ṣẹ́ẹ̀tì, ìkẹta ń bú ẹni tó kọ́kọ́ nawọ́, kí a tó ṣẹ́jú, ìjà ti di ti àwọn onílàjà, ẹni tí wọ́n torí owó rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ti bá tirẹ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tí ìlànà fi ní kí ẹnì kan ṣoṣo sọ̀rọ̀. Kó dúró ní ìwọ̀n apá méjì sí aláìsàn, kí ọwọ́ rẹ̀ hàn, kó má sì dí ọ̀nà àbájáde. Kó sọ orúkọ ara rẹ̀, kó béèrè orúkọ tí wọ́n ń pe aláìsàn. Gbólóhùn kúkúrú ni, kó sì dákẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà lè wọlé, nítorí ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń sáré kì í gbọ́ àlàyé gígùn.

Ibi tó dùn jù nínú rẹ̀ ni wíwá ohun tí a lè gbà pẹ̀lú aláìsàn láìparọ́. “Wọ́n gba fóònù mi!” Òótọ́ ni, wọ́n gbà á, ẹ gbà fún un. “Ọlọ́pàá fi mí wọ́lẹ̀!” Dókítà ò sí níbẹ̀, àmọ́ ó lè sọ pé kò yẹ kí wọ́n fi ẹnikẹ́ni wọ́lẹ̀. “Ẹ ti pa mí tì síbí!” Ó lè ní ọ̀pọ̀ ènìyàn ni inú máa bí tí wọ́n bá dúró tó báyìí. Bí ó bá ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn ò gbọ́, wọn ò ní bá a jiyàn, wọn ò sì ní díbọ́n: “Èmi ò gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n mo gbà pé ẹ̀yin ń gbọ́ ọ.”

Ẹ̀yìn èyí ni ààlà àti yíyàn: wọ́n á sọ fún aláìsàn pé kò gbọdọ̀ ju nǹkan lu ẹnikẹ́ni, àmọ́ oúnjẹ wà, aṣọ ìbora wà. Oògùn pàápàá á wọlé gẹ́gẹ́ bí ohun tí a ń yàn. Èwo ló ti bá a lára mu rí? Ṣé yóò gbé e mì, àbí abẹ́rẹ́? Kí ara rẹ̀ balẹ̀ ni à ń wá, kì í ṣe kó sùn, torí ẹni tó sùn ò lè sọ ohun tó ń ṣe é. Ọ̀rọ̀ náà kì í sábà ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ.

Ohun tí àwọn tó kà á sí ìfàkókò-ṣòfò kì í rí ni pé ìjíròrò náà tún jẹ́ àyẹ̀wò. Bí ọkùnrin yìí kò bá lè tẹ̀lé ìbéèrè kan dé òpin, tí kò mọ ibi tó wà, ó lè jẹ́ pé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti lọ sílẹ̀, tàbí kó ti fi orí gbá nǹkan, abẹ́rẹ́ á sì bo ìyẹn mọ́lẹ̀. Bí ó bá ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ mu ọtí yó ni, oògùn amáralẹ̀ tó ń jẹ́ halopẹ́rídọ́ọ̀lù ni ìlànà fẹ́, nítorí lorasẹ́páàmù, oògùn amáralẹ̀ mìíràn, lórí ọtí lè dín èémí kù. Bí ó bá jẹ́ pé ọtí tó ti mọ́ ọn lára ni kò rí mu láti ìjẹta, ó yí padà pátápátá: lorasẹ́páàmù tàbí irú rẹ̀ ló yẹ.

Àléébù rẹ̀ wà. Èrò àwọn tó ti pẹ́ nínú iṣẹ́ ló gbé e dúró ju ìwádìí aláfiwéra lọ, ó sì gba ẹnì kan tí ọwọ́ rẹ̀ dilẹ̀, èyí tó ṣọ̀wọ́n lóru. Kò sì ní kí ẹnikẹ́ni máa sọ̀rọ̀ nígbà tí ìkúùkù ti ń bọ̀. Dídì mú àti abẹ́rẹ́ wà fún ìyẹn. Ṣùgbọ́n bí ó bá débẹ̀, iṣẹ́ ò tíì parí. Nígbà tí ara bá ti rọ̀, wọ́n á padà lọ sọ ìdí tí wọ́n fi dì í mú, wọ́n á gbọ́ tẹnu tirẹ̀, wọ́n á sì bi í ohun tí ì bá ti ràn án lọ́wọ́, kí wọ́n lè kọ ọ́ sínú fáìlì rẹ̀ de ìgbà mìíràn.