Ẹ̀rọ kan náà, èrè méjì: bí ìdínkù iye ẹ̀rọ ṣe ń yí owó orí padà

Bí oníṣòwò bá ra ẹ̀rọ 8,000,000 sẹ́fà, òfin owó orí kò gbà kó yọ gbogbo owó náà kúrò nínú èrè ọdún tó rà á. Ẹ̀rọ náà yóò ṣiṣẹ́ fún ọdún púpọ̀, nítorí náà díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń ka iye rẹ̀ sí ìnáwó títí yóò fi tán nínú ìwé. Ìdínkù iye nìyẹn, tí àwọn kóńtábù ní Àjàṣẹ́ ń pè ní amọtísímọ́ọ̀. Owó kankan kì í jáde lápò lọ́jọ́ tí wọ́n bá kọ ọ́ sílẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n ra ẹ̀rọ lowó ti jáde.

Ẹni tó ń san TPS, owó orí àwọn oníṣòwò kékeré ní Benin, ìyẹn ẹni tí títà rẹ̀ lọ́dún kò ju 50 mílíọ̀nù lọ, kò ní rí ìyàtọ̀ kankan nínú ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Orí títà ni wọ́n ti ń ka TPS, wọn kì í wo èrè. Ẹni tó ti kọjá ibẹ̀, tó ń san owó orí lórí èrè, ni ọ̀rọ̀ yìí kàn.

Ẹ jẹ́ ká mú obìnrin kan tó ń tẹ̀wé nítòsí ọjà Wàǹdó. Ó ra ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tuntun ní oṣù kìíní, 8,000,000, ọdún 5 ni wọ́n sì fún un láti lò. Ká ní èrè rẹ̀ kí wọ́n tó yọ ìdínkù iye jẹ́ 5,000,000 lọ́dọọdún, tí owó orí sì jẹ́ ìdá 30 nínú 100.

Ọ̀nà àkọ́kọ́ ni èyí tó dọ́gba. Ó pín 8,000,000 sí márùn-ún, 1,600,000 lọ́dọọdún. Èrè tí wọ́n ń bu owó orí lé di 3,400,000, owó orí 1,020,000. Bẹ́ẹ̀ náà ni fún ọdún márààrún.

Ọ̀nà kejì ń tẹ̀ lé iye tó kù. Fún ẹ̀rọ ọdún 5, ìdá 20 nínú 100 ni ọ̀nà tó dọ́gba ń yọ lọ́dún; wọ́n sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, ó di 40, orí ohun tó kù nínú ìwé ni wọ́n sì ń kà á. Ọdún kìíní, 3,200,000. Ó ku 4,800,000. Ọdún kejì, 1,920,000. Ọdún kẹta, 1,152,000; ó ku 1,728,000. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà: bí a bá ń ka ìdá 40 lọ, iye náà kò ní tán láéláé. Nítorí náà, nígbà tí pípín ohun tó kù dọ́gba bá ti pọ̀ ju ìdá 40 rẹ̀, ibẹ̀ la ó ti yí padà. Ọdún kẹrin àti karùn-ún gba 864,000 ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Owó orí ọdún kìíní wá di 540,000, ó dín ní 480,000 sí ti ọ̀nà àkọ́kọ́. Ọdún kejì, 924,000. Lẹ́yìn náà ni gbèsè padà wá: 1,154,400 ní ọdún kẹta, 1,240,800 ní ọdún kẹrin àti karùn-ún. Ẹ ro ó pọ̀: ọ̀nà méjèèjì jẹ́ 5,100,000 láàárín ọdún márùn-ún. Owó orí kò dín, ọjọ́ tí a ó san án ló sún síwájú. Ẹni tó bá rò pé 480,000 náà ti di tirẹ̀ pátápátá, tó sì ná an, ìnira ọdún kẹrin yóò bá a.

Ní Benin, mo rò pé ibòmíì ló yẹ ká ṣọ́ra jù. Òfin ní ìwọ̀n ìsàlẹ̀ kan tí wọ́n ń kà lórí títà, owó orí lórí èrè kò sì gbọdọ̀ kéré jù ú lọ. Ká ní ti obìnrin yìí jẹ́ 700,000. Ọdún kìíní, kò ní san 540,000. 700,000 ni yóò san. Ìdínkù iye tó ti lò kò sì ní padà wá fún un, nítorí ọdún kẹrin àti karùn-ún yóò gba owó kíkún tiwọn. Ní ìparí, ó san 5,260,000, ó fi 160,000 pọ̀ ju ẹni tó gba ọ̀nà tó dọ́gba. Ẹni tí títà rẹ̀ pọ̀ ṣùgbọ́n tí èrè rẹ̀ tín-ín-rín ni èyí máa ń bá.

Nítorí náà, kí oníṣòwò tó yan ọ̀nà kejì, kí ó ka ìwọ̀n ìsàlẹ̀ ti ọdún kìíní, kí ó sì fi í wé owó orí tó kù lẹ́yìn ìdínkù iye. Ẹ̀rọ tuntun nìkan ni ọ̀nà yìí wà fún. Tòkunbọ̀ kò sí níbẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ oṣù keje ló rà á, ìdajì ọdún nìkan ni wọn ó kà fún un, 1,600,000 dípò 3,200,000.