Bí onílé ṣe lè gba gbogbo owó ilé lọ́wọ́ ẹnì kan nínú àwọn tó jọ yá a

Ìwé àdéhùn ilé tí àwọn ájẹ́ǹtì ń gbé fún ènìyàn ní Tanke tàbí Gáà Àkànbí, nílùú Ìlọrin, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ ọ́. Lọ́pọ̀ ìgbà, ìwé kan tí lọ́yà ti kọ tipẹ́ ni wọ́n ń dà kọ, orúkọ àti iye owó nìkan ni wọ́n ń pààrọ̀. Ayálégbé á wo iye owó, á wo ọjọ́ tí ọdún rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, á sì fọwọ́ sí i. Ẹni tó dá ilé gbà lè rí i mú jẹ. Àwọn tó jọ pawọ́ pọ̀ gba ilé kan ni kí wọ́n wá ibi tí ìwé náà ti sọ pé àwọn ayálégbé jẹ gbèsè «jọ́íńtìlì áńdì sẹ́fẹ́rálì», ìyẹn ni pé gbogbo wọn jọ jẹ ẹ́, ẹnì kọ̀ọ̀kan sì tún jẹ ẹ́ lódindi. Ibẹ̀ ló ti ń hàn, ta ni onílé lè dì mú lọ́jọ́ tí owó bá kù.

Ká ní ọkùnrin mẹ́ta jọ gba fúláàtì oníyàrá mẹ́ta ní Tanke. Ọ̀kan jẹ́ nọ́ọ̀sì, èkejì ń tún fóònù ṣe, ẹ̀kẹta jẹ́ àáfà tó ń kọ́ ọmọ ní ilé kéú. Owó ilé jẹ́ ₦900,000 lọ́dún, wọ́n sì pín in ní ₦300,000 kálukú. Wọ́n tún dá ₦90,000 kọ́ṣọ̀n. Lọ́kàn tiwọn, kálukú ti sanwó yàrá tirẹ̀. Ìwé kò mọ yàrá ẹnì kankan. Ilé kan ni onílé yá wọn, gbèsè kan náà ni, ₦900,000, ẹnì kọ̀ọ̀kan ló sì jẹ ẹ́ lódindi.

Ní ọdún kejì, iṣẹ́ kò lọ déédéé fún alátùn-únṣe fóònù. Ó san ₦100,000, ó kó ẹrù rẹ̀, ó gba Ọ̀fà lọ. Ó ku ₦200,000. Onílé kò ní láti wá a dé Ọ̀fà. Ó lè kọjú sí nọ́ọ̀sì tààrà, nítorí pé owó oṣù ń wọlé fún un, kó sì ní kó san ₦200,000 náà. Kò pọn dandan kó kọ́kọ́ pe ẹni tó sá lọ lẹ́jọ́. «Mo ti san tèmi» kì í ṣe èsì níwájú kóòtù, nítorí pé kò sí «tèmi» nínú ìwé tí wọ́n fọwọ́ sí. Ohun tí onílé kò lè ṣe ni pé kó gbà á lẹ́ẹ̀mejì. Bí ẹnikẹ́ni nínú wọn bá ti san ₦200,000 yẹn, gbèsè ti tán lọ́dọ̀ onílé nìyẹn.

Kò tíì tán láàárín àwọn ọ̀rẹ́ o. Nọ́ọ̀sì ti san ₦500,000 lórí gbèsè tó yẹ kó san ₦300,000 nínú rẹ̀, òfin sì gbà á láyè láti lọ gba ₦200,000 lọ́wọ́ ẹni tí kò san tirẹ̀ pé. Àwọn rìsíìtì àti ẹ̀rí owó tó gba báńkì kọjá ló máa fi hàn án. Bí wọn kò bá kọ nǹkan mìíràn sílẹ̀ láàárín ara wọn, ìpín ọgbọọgba ni kóòtù máa fi ṣe ìṣirò. Bó bá jẹ́ pé ẹni tó wà ní yàrá ńlá ti gbà láti máa san ₦400,000, ẹnu lásán kì í sábà tó láti fi gbè é.

Ibi tí mo rò pé ó ti ń ṣini lọ́nà jù ni kíkó kúrò. Èèyàn lè kó kúrò nínú ilé kí orúkọ rẹ̀ má kúrò nínú ìwé. Bí alátùn-únṣe fóònù bá mú àbúrò rẹ̀ wá rọ́pò ara rẹ̀, tí ó fún un ní kọ́kọ́rọ́, tí onílé sì ń kí ọmọ náà láàárọ̀, òun gan-an ṣì ni onígbèsè. Àbúrò yẹn kò bá onílé ṣe àdéhùn kankan, ó sì lè jẹ́ pé ìwé ti sọ pé wọn kò gbọdọ̀ fi ẹlòmíràn sínú ilé láìgbàṣẹ. Ohun tó ń tú ènìyàn sílẹ̀ ni kí onílé kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun ti yọ̀ǹda rẹ̀ láti ọjọ́ báyìí, tàbí kí gbogbo wọn fọwọ́ sí ìwé tuntun.

Kọ́ṣọ̀n náà ń tẹ̀ lé ọ̀nà kan náà. ₦90,000 jẹ́ owó kan lọ́wọ́ onílé, ó wà fún ìbàjẹ́ àti gbèsè tí wọ́n bá fi sílẹ̀. Ẹni tó ń lọ kò lè fi dandan gba ₦30,000 nígbà tí àwọn méjì ṣì ń gbé ibẹ̀, àfi bí ìwé bá sọ bẹ́ẹ̀. Bí àáfà bá sì fọ́ gíláàsì fèrèsé, inú gbogbo ₦90,000 ni wọ́n ti máa yọ owó rẹ̀. Ọ̀dà ògiri tó ṣá nítorí pé ọdún ti gorí ọdún yàtọ̀, ògbó ni ìyẹn, kì í ṣe ìbàjẹ́. Fọ́tò tí wọ́n bá yà lọ́jọ́ tí wọ́n wọlé ló máa ń parí àríyànjiyàn yìí.

Ní ti nótíìsì, iye àkókò tí wọ́n bá kọ sínú ìwé ni wọ́n máa ń tẹ̀ lé. Bí wọn kò bá kọ ọ́, ẹni tó ń gbélé lọ́dọọdún lẹ́tọ̀ọ́ sí oṣù mẹ́fà, ẹni tó ń san lóṣooṣù sí oṣù kan, ẹni tó ń san lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ sí ọ̀sẹ̀ kan. Oṣù mẹ́fà yìí gbọ́dọ̀ parí pẹ̀lú ọdún ilé náà. Ilé tí ọdún rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù January, nótíìsì rẹ̀ kò gbọdọ̀ kọjá ìparí oṣù June kí wọ́n tó fún ayálégbé. Lẹ́yìn tí àkókò bá pé, onílé tún ní láti fún un ní ìwé ọjọ́ méje pé òun ń lọ sí kóòtù. Kò lè yọ òrùlé tàbí pààrọ̀ àgádágodo. Àmọ́ bí ìwé bá sọ pé ọdún kan péré ni, tí ọdún náà sì ti pé láìtún un ṣe, oṣù mẹ́fà kò sí nínú rẹ̀ mọ́, ìwé ọjọ́ méje nìkan ló kù.

Ọ̀rọ̀ àáfà wa wá yàtọ̀ díẹ̀. Ó ń ka Lárúbáwá bí omi, kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Láti 1959, nínú ẹjọ́ SCOA Zaria àti Okon, ni kóòtù ti sọ pé ẹni tí kò lè ka èdè tí wọ́n fi kọ ìwé kan, aláìmọ̀wé ni ní ti ìwé yẹn, bó ti wù kó mọ èdè mìíràn tó. Ẹni tó bá kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ fún un gbọ́dọ̀ kọ orúkọ àti àdírẹ́sì ara rẹ̀ sí i, kí ó sì hàn nínú ìwé pé wọ́n kà á fún un, wọ́n sì túmọ̀ rẹ̀ kó tó fọwọ́ sí i. Bí ìyẹn kò bá sí níbẹ̀, lọ́yà àáfà ní ohun tó máa sọ. Nọ́ọ̀sì, tó kà á tán kó tó fọwọ́ sí i, kò ní ààbò yẹn.

Bí onílé bá gbà, kí wọ́n ṣe ìwé mẹ́ta, yàrá kan sí ìwé kan, ₦300,000 àti ₦30,000 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì sọ bí ilé ìdáná àti balùwẹ̀ ṣe jẹ́ ti gbogbo wọn. Ọ̀pọ̀ onílé kì í fẹ́ ẹ, nítorí pé àwọn ni yóò máa fúnra wọn lé ẹni tí kò san. Bó bá kọ̀, kí àwọn mẹ́ta kọ ìwé tiwọn ní Yorùbá, kí wọ́n kọ ìpín kálukú sí i, iye oṣù tí ẹni tó fẹ́ lọ gbọ́dọ̀ fi sọ fún àwọn tó kù, àti ẹni tí yóò dá ₦30,000 rẹ̀ padà fún un. Ìwé yẹn kò de onílé, ó de àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.