Ápù ẹ́díìtì fídíò lórí fóònù: èyí tí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ lè fi gé fídíò ọjọ́ ìbí

Ápù ẹ́díìtì fídíò ni ápù tí wọ́n fi ń gé fídíò lórí fóònù, tí wọ́n fi ń so kílíìpù pọ̀, tí wọ́n fi ń kọ nǹkan sójú ẹ̀, tí wọ́n sì fi ń gbé orin sábẹ́ ẹ̀. Ní Ìlọrin àti gúúsù Kwara, bí wọ́n bá ti ṣe ọjọ́ ìbí tán nílé, ọmọ tí wọ́n gbà pé ó mọ fóònù lò jù ni wọ́n sábà máa ń kó àwọn fídíò náà fún pé kó bá àwọn gé e, bó tiẹ̀ jẹ́ pé kò tíì gé fídíò kankan rí. Àwọn ápù tó máa ń kọ́kọ́ rí ni CapCut, InShot, VN àti KineMaster, ẹni tó bá ń lo iPhone náà ní iMovie. Gbogbo wọn ló ń gé fídíò, gbogbo wọn ló sì ń so ó pọ̀. Ibi tí ìyàtọ̀ wọn ti máa ń kan ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ni ìgbà tó bá fẹ́ gbé fídíò náà jáde, torí náà ibẹ̀ ló yẹ kó ti yẹ ápù wò kó tó fi ọ̀sán kan gbáko ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀.

Ohun tí ápù ń ṣe gan-an

Téèyàn bá tẹ Split tó sì pa apá kan rẹ́, kò sí nǹkan kan tó ṣe fídíò tó wà ní gálárì. Ápù kàn ń kọ ọ́ sílẹ̀ fún ara ẹ̀ ni pé nínú kílíìpù yìí, láti sẹ́kọ́ńdì kẹrin dé ìkọkànlá ni kí òun fi hàn, lẹ́yìn náà kí òun bọ́ sórí kílíìpù kejì. Iṣẹ́ téèyàn ń ṣe nínú ápù dà bí ìwé tí wọ́n kọ èròjà ọbẹ̀ sí, ọbẹ̀ fúnra ẹ̀ ò tíì sí lórí iná. Ìgbà téèyàn bá tẹ Export tàbí Save ni ápù á wá padà lọ bá àwọn kílíìpù náà níbi tí wọ́n wà, táá fi wọ́n ṣe fídíò tuntun kan tó dá dúró.

Ohun méjì ló ti ibí yìí wá, ó sì ti ba iṣẹ́ ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ́. Àkọ́kọ́, ẹni tó bá pa kílíìpù rẹ́ ní gálárì kí ààyè lè wà lórí fóònù nígbà tí ẹ́díìtì ò tíì parí, ápù ò ní rí i mọ́, ibẹ̀ á dúdú tàbí kí ápù máa sọ pé fáìlì ti sọnù. Ìkejì, ẹni tó bá yọ ápù kúrò tàbí tó tẹ Clear data, iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ lọ nìyẹn, bí àwọn kílíìpù bá tiẹ̀ ṣì wà. Fídíò tí ò bá tíì sí ní gálárì ò tíì sí.

Wọ́tàmáàkì àti Pro

Wọ́tàmáàkì ni orúkọ tàbí àmì ápù tó máa ń lẹ̀ mọ́ ojú fídíò téèyàn ò bá sanwó. KineMaster tí wọ́n ń lò lọ́fẹ̀ẹ́ máa ń fi tiẹ̀ sí igun òkè, ó sì máa ń wà níbẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ dópin. InShot náà ń fi tiẹ̀ sí i, àmọ́ ó gbà kéèyàn tẹ àmì x kékeré tó wà lára ẹ̀ kó sì wo ìpolówó kan, á yọ ọ́ kúrò, èyí tó túmọ̀ sí pé dátà gbọ́dọ̀ wà lórí fóònù nígbà yẹn. CapCut, tó jẹ́ ti iléeṣẹ́ ByteDance, kì í fi àmì sójú fídíò téèyàn fọwọ́ ara ẹ̀ gé, ó máa ń so kílíìpù kékeré kan mọ́ ìparí ẹ̀ ni, orúkọ ápù náà ló sì wà níbẹ̀, téèyàn bá tẹ̀ ẹ́ tó tẹ Delete ó ti lọ. VN ò fi àmì sójú fídíò.

Èyí tó nira díẹ̀ ni ti Pro, ìyẹn àwọn nǹkan inú ápù tó jẹ́ ti ẹni tó bá sanwó. Nínú CapCut, ọ̀pọ̀ ìfẹ́ẹ̀tì, fọ́ntì àti tẹ́ńpílétì ló ní àmì Pro lára, ápù á sì jẹ́ kéèyàn lò wọ́n, kó wò wọ́n, kó fẹ́ràn wọn, ìgbà tó bá tẹ Export ló máa tó sọ pé kó sanwó. Ẹni tó bá ti lo mẹ́fà nínú fídíò kan á máa wá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan láti yọ wọ́n. Ohun tó dáa ni pé kéèyàn máa wo àmì yẹn kó tó tẹ ohunkóhun, kó má dúró dé ìparí.

Àwọn kan máa ń sá fún èyí nípa gbígba APK, ìyẹn fáìlì tí wọ́n fi ń gbé ápù sórí Android, tí wọ́n ti tú, tí wọ́n ń pín lórí WhatsApp pé gbogbo Pro ti ṣí nínú ẹ̀. Ápù ẹ́díìtì ń gba àṣẹ láti rí gbogbo fọ́tò àti fídíò tó wà lórí fóònù, ẹni tó tú ápù náà sì lè ti fi nǹkan míì sínú ẹ̀ kó tó máa pín in. Kò yẹ kéèyàn gbé ápù tí ò mọ ibi tó ti wá sórí fóònù tí ápù báǹkì ẹ̀ wà.

Ìdánwò tó kúrú ló ń fi gbogbo èyí hàn. Kéèyàn mú kílíìpù méjì, kó gé wọn kó ku sẹ́kọ́ńdì márùn-ún márùn-ún, kó kọ ọ̀rọ̀ kan sí i, kó gbé e jáde, kó wá lọ ṣí i ní gálárì, kì í ṣe nínú ápù. Bí àmì bá wà lójú ẹ̀, bí ohùn bá ń ṣáájú ẹnu, bí wọ́n bá béèrè owó, á ti rí i kó tó ṣe iṣẹ́ gidi.

Fóònù àti ààyè

Fídíò 1080p tí fóònù Android fúnra ẹ̀ yà sábà máa ń tó nǹkan bíi 100 sí 130 MB ní ìṣẹ́jú kan. Ẹni tó bá ní ogún ìṣẹ́jú ti ní bíi 2 GB nílẹ̀ nìyẹn kó tó fọwọ́ kan ápù, fídíò tuntun sì tún máa nílò ààyè tiẹ̀. Bí ààyè bá tán lójú ọ̀nà, Export á dúró sójú kan tàbí kí ápù pa ara ẹ̀. Bí RAM, ìyẹn ibi tí fóònù ń kó iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ sí, bá kéré, bíi 2 GB tàbí 3 GB, ohun téèyàn máa rí ni pé àwòrán á máa fò nígbà tó bá ń wò ó nínú ápù, ìyẹn nìkan ò fi hàn pé fídíò tó máa jáde á fò.

Àpẹẹrẹ kan

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ìyá àgbà kan pé àádọ́rin ọdún ní Ọ̀fà, ọmọ-ọmọ ẹ̀ tó ń gbé ní Tankẹ ní Ìlọrin ló fẹ́ gé fídíò náà, fóònù ẹ̀ jẹ́ Android tó ní RAM 3 GB, ààyè tó kù lórí ẹ̀ jẹ́ 4 GB. Ó fi ọwọ́ ara ẹ̀ ya kílíìpù mẹ́jọ, àwọn ìbátan fi mẹ́fà ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Fídíò ìṣẹ́jú mẹ́ta ló fẹ́.

Ó dán ápù mẹ́ta wò bí a ṣe sọ lókè. Pẹ̀lú InShot, dátà ẹ̀ ti tán, kò rí ìpolówó wò, àmì ò kúrò. CapCut dáa, àmọ́ fọ́ntì tó wù ú jẹ́ ti Pro. Ó mú VN, torí iṣẹ́ gígé, orin kan àti àkọlé méjì péré ló fẹ́ ṣe. Ẹlòmíì lè mú CapCut láìjẹ̀bi, pàápàá ẹni tó bá fẹ́ kí ọ̀rọ̀ máa jó lójú fídíò.

Kó tó ṣí ápù, ó wo gbogbo kílíìpù tán, ó sì kọ ibi tó fẹ́ sínú ìwé: kílíìpù kẹta, láti 0:40 dé 0:55, báyìí báyìí. Ó rí ègé mọ́kànlá tó jẹ́ sẹ́kọ́ńdì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ìyẹn 165, àkọlé gba márùn-ún, fọ́tò méjì gba mẹ́wàá, ó di 180 géérégé. Ìwé yìí ló dín iṣẹ́ kù jù, torí ẹni tó bá kó kílíìpù mẹ́rìnlá sínú ápù láìmọ ohun tó ń wá á máa yí sókè yí sódò títí bátìrì á fi kú.

Mẹ́sàn-án nínú kílíìpù náà jẹ́ olóòró, orí fóònù sì ni ẹbí máa wò ó, ló bá yan 9:16, ìyẹn ìwọ̀n fídíò olóòró. Àwọn tó dùbúlẹ̀ ò gba ojú ibẹ̀ kún. Fún ti ijó, ó fà á sún mọ́ kó kún, ti fọ́tò ẹbí ni ò fà, torí àwọn tó dúró léti á jáde lójú fídíò, ó sì mọ̀ pé wọ́n á béèrè ara wọn.

Gígé àdúrà ló gba sùúrù jù. Bí àlùfáà bá ń ṣàdúrà fún ìyá, ẹni tó ń gé sábà máa ń gé e gẹ́lẹ́ tí ohùn ẹ̀ bá dákẹ́, Àmín àwọn èèyàn á wá já sí méjì, etí gbogbo ẹni tó bá gbọ́ ọ á mọ̀ ọ́n. Ó jẹ́ kí Àmín parí, ó tún fi bíi ìdajì sẹ́kọ́ńdì kún un. Orin abẹ́ ẹ̀ wà ní bíi 15 nínú 100 níbi àdúrà, ó padà gbé e sókè níbi tí wọ́n ti ń gé kéèkì.

Ní Export, ó yan 720p, tí àwòrán ẹ̀ ò mọ́ tó ti 1080p àmọ́ tó fúyẹ́ jù ú lọ. Kílíìpù mẹ́fà tó gba WhatsApp wá ti fúyẹ́ tẹ́lẹ̀, 1080p ò lè dá ohun tó ti sọnù lára wọn padà. Bí ìwọ̀n dátà tí fídíò ń lò ní sẹ́kọ́ńdì kan bá jẹ́ 4 Mbps, 180 sẹ́kọ́ńdì á tó bíi 90 MB, bó bá jẹ́ 10 Mbps á tó 225 MB. Ó fi fóònù sí ṣáájà, kò kúrò nínú ápù títí tó fi parí, torí fóònù tí RAM ẹ̀ kéré lè pa ápù téèyàn bá lọ dáhùn mẹ́sẹ́ẹ̀jì.

Lẹ́tà Yorùbá

Èyí kì í sí nínú ọ̀pọ̀ àlàyé, bẹ́ẹ̀ òun ni gbogbo ilé máa kọ́kọ́ kà. Ọ̀pọ̀ fọ́ntì ológe tó wà nínú àwọn ápù yìí ò ní ẹ, ọ, ṣ. Àwọn míì ní in, àmọ́ wọn ò mọ ibi tí wọ́n á gbé àmì ohùn sí lórí ẹ̀, torí ọ́ jẹ́ lẹ́tà kan àti àmì kan tó gun orí ara wọn. Àpótí kékeré lèèyàn á rí, tàbí kí àmì yẹn lọ jókòó lórí lẹ́tà tó tẹ̀ lé e, tàbí kí lẹ́tà kan ṣoṣo yàtọ̀ sí àwọn tó kù. Kéèyàn kọ "Ẹ kú ọjọ́ ìbí, Màmá" kó tó yan fọ́ntì, kó sì wo ọ́ yẹn dáadáa. Gboard ní Yorùbá fún ẹni tó fẹ́ tẹ̀ ẹ́, InShot àti VN sì gbà kéèyàn kó fọ́ntì wọlé láti ìta, Noto Sans ń gbé gbogbo lẹ́tà Yorùbá dáadáa.

Fífi ránṣẹ́

WhatsApp máa ń dín fídíò kù téèyàn bá fi ránṣẹ́ láti gálárì. Téèyàn bá gba ibi Document fi í ránṣẹ́, bó ṣe wà ló máa dé, láti 2022 ni WhatsApp ti ń gba fáìlì tó tó 2 GB báyìí. Ẹni tí ò ní dátà púpọ̀ nílé lè fẹ́ èyí tó fúyẹ́, torí náà ọmọ-ọmọ yẹn fi ti Document ránṣẹ́ sí ìyá ẹ̀ nìkan láti tọ́jú, ó sì fi èyí tó fúyẹ́ sí gúrúùpù ẹbí.