Níbo ni wíwọn èébú inú fíìmù ti bẹ̀rẹ̀?

Ọ̀rọ̀ ìdọ̀tí kan wà nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ ìbálòpọ̀ ni, tí òṣèré Amẹ́ríkà lè pè lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàárín ìṣẹ́jú àáyá 2. Ògbufọ̀ tó ń kọ ìtumọ̀ sí ìsàlẹ̀ fíìmù ní láti mọ̀ bóyá ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni òun náà máa kọ ọ́, àbí ẹ̀ẹ̀kan, àbí kí ó fò ó pátápátá. Ó pẹ́ kí ìṣòro yìí tó dé ọ̀dọ̀ àwọn ògbufọ̀.

Nígbà tí fíìmù ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ̀rọ̀, wọ́n fi fíìmù kan tí Al Jolson, olórin àti òṣèré Amẹ́ríkà, ṣe hàn ní ìlú Párísì ní oṣù kìíní ọdún 1929 pẹ̀lú ìtumọ̀ Faransé ní ìsàlẹ̀. Lóṣù kẹjọ ọdún kan náà, òmíràn dé Kopẹnhágìn pẹ̀lú ìtumọ̀ èdè Dẹ́ńmáàkì. Ní 1930, Leif Eriksen, ọmọ Nọ́wè, gba ẹ̀tọ́ olùṣẹ̀dá lábẹ́ òfin lórí ọ̀nà tí wọ́n ń gbà tẹ lẹ́tà sára fíìmù fúnra rẹ̀. Àyè kò pọ̀, nítorí náà ìdá ohun tí òṣèré sọ ni wọ́n máa ń kọ.

Èébú kì í ṣe wàhálà wọn nígbà náà, torí pé àwọn ará Họ́líwúùdù ti fún ara wọn lófin. Òfin 1930 wọn ka orúkọ Ọlọ́run tí a fi ṣeré àti orúkọ ọ̀run àpáàdì mọ́ èèwọ̀. Láti 1934 ni wọ́n ti wá ń fi ọwọ́ líle mú un. Ó di 1968 kí wọ́n tó pa òfin náà tì, tí wọ́n fi ìdíwọ̀n ọjọ́ orí rọ́pò rẹ̀. Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ ìdọ̀tí ti ń rọ́ wọlé.

Orílẹ̀-èdè bíi Sùwídìn ló kàn jù. Àwọn ará ibẹ̀ kì í sábà fi ohùn tiwọn bo ohùn òṣèré, ìtumọ̀ ni wọ́n ń kà nísàlẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Bí ògbufọ̀ bá dẹ èébú jù, etí wọn ti gbọ́ ọ ṣáájú ojú. Ṣùgbọ́n ìbálòpọ̀ kọ́ ni èébú ilẹ̀ wọn, Sátánì àti ọ̀run àpáàdì ni. Ògbufọ̀ Sùwídìn a gbé ọ̀rọ̀ ìbálòpọ̀ yẹn kúrò, a fi orúkọ Sátánì dí i. Ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ yí padà, ìbínú inú rẹ̀ ni ó kù. Lójú tèmi, ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀: kì í ṣe ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń wọn, bí kò ṣe ohun tí ọ̀rọ̀ náà ṣe sí ẹni tí a bú.

Jan Ivarsson, ògbufọ̀ ará Sùwídìn tó kọ̀wé lórí iṣẹ́ yìí, sọ pé ọ̀rọ̀ ìdọ̀tí tí a kọ sílẹ̀ a máa wúwo ju èyí tí a fẹnu sọ lọ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń dín in kù. Ewu rẹ̀ ni pé tí a bá dín gbogbo rẹ̀ kù, ìyá arúgbó tí kò búni rí, tó wá bú ọmọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kò ní yàtọ̀ sí ọ̀mùtí tó ń bú gbogbo ayé. Netflix wá kọ ọ́ sínú ìlànà rẹ̀ pé a kò gbọ́dọ̀ pa ọ̀rọ̀ mọ́, kí a túmọ̀ èébú bó ṣe rí tó. Síbẹ̀ ìlànà kan náà kò fẹ́ kí lẹ́tà ju 17 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan fún ọ̀pọ̀ èdè.

Ẹ jẹ́ ká fi Yorùbá wò ó. Awakọ̀ kan pariwo fún ìṣẹ́jú àáyá 2 lé bàbá kan tó fi ọkọ̀ dí i lọ́nà, ó sì pe ọ̀rọ̀ ìbálòpọ̀ Gẹ̀ẹ́sì yẹn lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Lẹ́tà 34 ni àyè tó wà. "Gbé mọ́tò játijàti ẹ kúrò, wèrè, ọmọ àlè, orí ìyá ẹ!" jẹ́ 51 tí a bá ka àlàfo àti àmì mọ́ ọn, ó sì ti kọjá ìbínú lójú ọ̀nà, nítorí ọmọ àlè kan ìyá àti bàbá ẹni tí a bú. Tí a bá sì túmọ̀ ọ̀rọ̀ ìbálòpọ̀ náà ní tààrà, yóò di ọ̀rọ̀ tí èèyàn kì í sọ sójú bàbá rẹ̀, bẹ́ẹ̀ awakọ̀ náà kò ronú kan ìbálòpọ̀ rárá.

"Gbé mọ́tò ẹ kúrò, oníranù!" jẹ́ 25 péré. Èébú kan ló hàn níbẹ̀, ṣùgbọ́n èkejì wà nínú "gbé" àti "ẹ". Bàbá arúgbó ni ó ń bá wí, "ẹ gbé" àti "yín" ló sì yẹ kó lò. Ọmọ Yorùbá tó bá kà á yóò ti mọ̀ pé ọmọkùnrin yìí ti ya òpònú.