Ọjọ́ wo ni ilé ẹjọ́ ní kí wọ́n fi í sẹ́wọ̀n?

Ká ní akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá kan ní Gwagwalada kọ lẹ́tà sí klíníìkì òfin yunifásítì, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òfin ti ń ran èèyàn lọ́wọ́ lábẹ́ ìdarí lọ́yà, pé: "Ọmọ àbúrò bàbá mi ti wà ní àhámọ́ láti bí oṣù márùn-ún. Ọgbà ẹ̀wọ̀n Suleja ló wà. Wọn ò tíì fẹ̀sùn kàn án. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà wá."

Lẹ́tà yìí dun ni dé egungun, àmọ́ ohun tí lọ́yà máa kọ́kọ́ béèrè kò sí nínú rẹ̀: ilé ẹjọ́ wo ló ní kí wọ́n fi í sẹ́wọ̀n, ọjọ́ wo sì ni?

Bó bá jẹ́ pé àgọ́ ọlọ́pàá ló ṣì wà ni, abala 35 ìwé òfin orílẹ̀-èdè la máa dì mú. Bí ilé ẹjọ́ bá wà láàárín ogójì kìlómítà sí ibi tí wọ́n ti mú èèyàn, ọjọ́ kan péré ni wọ́n ní láti gbé e débẹ̀. Ṣùgbọ́n ọgbà ẹ̀wọ̀n kì í gba ẹnikẹ́ni láìsí ìwé àṣẹ, èyí tí wọ́n ń pè ní wáráǹtì. Adájọ́ kan ti fọwọ́ sí i nìyẹn, bí kò tilẹ̀ sí ẹ̀sùn kankan nílẹ̀.

Ìpínlẹ̀ Niger ni Suleja wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn ilé ẹjọ́ Àbújá náà máa ń kó èèyàn lọ síbẹ̀, àti sí Keffi. Ibi tí ilé ẹjọ́ wà ló ń sọ òfin tá a máa lò. Bó bá jẹ́ ti Àbújá, òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn ọdún 2015, abala 296, ló kàn: òun ló sọ iye ọjọ́ tí wọ́n lè fi èèyàn sí àhámọ́ kí wọ́n tó gbé e wá jẹ́jọ́. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀, iye ọjọ́ ibẹ̀ sì lè yàtọ̀.

Ká ní 2 oṣù Kẹta ló wà lórí wáráǹtì. Ọjọ́ 14 àkọ́kọ́ parí ní 16 oṣù Kẹta. Bí ọlọ́pàá bá kọ̀wé tọrọ àfikún, adájọ́ lè fi ọjọ́ 14 mìíràn kún un, ó di 30 oṣù Kẹta. Lẹ́yìn náà, adájọ́ gbọ́dọ̀ ránṣẹ́ pe ọ̀gá ọlọ́pàá tàbí agbẹjọ́rò àgbà ìjọba kí wọ́n wá sọ ìdí tí kò fi yẹ kí wọ́n dá a sílẹ̀. Ìyẹn ò gbọ́dọ̀ kọjá 13 oṣù Kẹrin. Bí àlàyé wọn bá mọ́yán lórí, àfikún ìkẹyìn parí ní 27 oṣù Kẹrin. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ọjọ́ 56. Bó bá kọjá bẹ́ẹ̀ tí wọn ò tíì gbé e wá jẹ́jọ́, ilé ẹjọ́ gbọ́dọ̀ tú u sílẹ̀, yálà ẹnì kan bẹ̀bẹ̀ tàbí ẹnikẹ́ni ò bẹ̀bẹ̀.

Kí ló wá dé tó fi di oṣù márùn-ún? Ọlọ́pàá tó ń ṣèwádìí lè ti lọ sí ìpínlẹ̀ mìíràn, kí fáìlì wà níbì kan, kí ẹnikẹ́ni má sì pe ẹjọ́ náà mọ́. Ara wáráǹtì la ti ń mọ̀. Kí ẹbí tó bá lọ wò ó béèrè ní ọ́fíìsì tí wọ́n ń kó ìwé àwọn ẹlẹ́wọ̀n sí: orúkọ ilé ẹjọ́, nọ́ńbà ẹjọ́, ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n kọ síbẹ̀, àti ọjọ́ tó yẹ kó padà sí kóòtù. Bí ọjọ́ yẹn bá ti kọjá tí kò sí òmíràn, ẹ ti rí ibi tí ọ̀rọ̀ wọ́ sí.

Ẹ ṣọ́ra o: nígbà mìíràn, wọ́n ti fẹ̀sùn kàn án láìjẹ́ pé ẹbí mọ̀. Ìṣirò yìí ò bá a mu mọ́ nìyẹn. Ẹ̀bẹ̀ béèlì ló kù.

Lẹ́tà kejì akẹ́kọ̀ọ́ náà lè kúrú ju ti àkọ́kọ́ lọ: "Ilé ẹjọ́ májísíréètì ní Àbújá ló fọwọ́ sí wáráǹtì ní 2 oṣù Kẹta. Nọ́ńbà ẹjọ́ rèé. Wọn ò gbé e padà sí kóòtù láti 16 oṣù Kẹta." Lórí èyí, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ klíníìkì lè bẹ̀rẹ̀ sí í to ìwé ẹ̀bẹ̀, kí lọ́yà tó ń darí wọn gbé e lọ síwájú adájọ́ yẹn kan náà.